Àkọlé Ìròyìn: Ohun Tó Yẹ Ká Sọ àti Ohun Tá A Lè Fi Sílẹ̀ fún Inú Ìwé

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2016, ìwé ìròyìn The Sun ní ilẹ̀ Bìrìtéènì gbé àkọlé gàdàgbà kan sójú ìwé àkọ́kọ́. Ohun tó sọ ni pé Ọbabìnrin ń ti Bírẹ́síìtì lẹ́yìn, ìyẹn ni pé Ọbabìnrin Elizabeth Kejì fẹ́ kí orílẹ̀-èdè rẹ̀ kúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Ó ku oṣù mẹ́ta àti ọ̀sẹ̀ méjì kí àwọn ará ìlú dìbò lórí ọ̀rọ̀ náà, ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà. Nílẹ̀ ọ̀hún, èèwọ̀ ni fún ọba láti gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú ọ̀rọ̀ ìṣèlú. Àkọlé náà ń fi ẹ̀sùn ńlá kan ọba, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀.

Ẹni tó bá ṣí inú ìwé náà yóò bá ohun tó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ pàdé. Ìròyìn náà sọ pé, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan tí wọn kò dárúkọ ṣe wí, Ọbabìnrin bá Nick Clegg, igbákejì olórí ìjọba nígbà náà, sọ̀rọ̀ níbi oúnjẹ ọ̀sán kan ní ààfin Windsor lọ́dún 2011, ó sì fi yé e pé ọ̀nà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ń tọ̀ kò tẹ́ òun lọ́rùn. Clegg ní irọ́ ni. Ààfin Buckingham fẹjọ́ sun IPSO, àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn tí wọ́n bá fi kan àwọn ìwé ìròyìn ní Bìrìtéènì, ìdájọ́ sì jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà. Àjọ náà ní àkọlé yẹn ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà, nítorí pé ohun tó wà nínú ìròyìn kò gbè é lẹ́sẹ̀. Ó ní kí The Sun tẹ ìdájọ́ náà sójú ìwé kejì, kí ó sì tọ́ka sí i lójú ìwé àkọ́kọ́.

Ohun tó yẹ ká fara balẹ̀ wò níbẹ̀ ni ibi tí àkọlé àti ìròyìn ti pínyà. Àkókò ni ìkíní: oúnjẹ ọ̀sán ọdún 2011 ni inú ìwé ń sọ, ṣùgbọ́n àkọlé sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òní ni ọba ń ṣe é. Lọ́dún 2011, kò sí ìdìbò kankan nílẹ̀, kódà orúkọ náà, Bírẹ́síìtì, kò tíì sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ìkejì ni ẹni tó sọ ọ́. Inú ìwé ní àwọn kan ló wí bẹ́ẹ̀, àkọlé sì yọ àwọn kan náà kúrò, ó wá di òótọ́ tí kò ní ẹlẹ́rìí. Ìkẹta ni pé ẹni tó ráhùn nípa àjọ kan kò tíì sọ pé òun fẹ́ kúrò nínú rẹ̀. The Sun gbìyànjú láti gbèjà ara rẹ̀ pé àkọlé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ńlá ti jẹ́ kó hàn pé ohun tí àwọn kan sọ ni. IPSO kò gbà. Òfin tó ń darí wọn ti sọ ọ́ kedere pé ara ohun tó ń ṣi ni lọ́nà ni àkọlé tí ọ̀rọ̀ inú ìròyìn kò bá gbè lẹ́sẹ̀. Ìdájọ́ yìí ni mo máa ń tọ́ka sí jù nígbà tí ọ̀rọ̀ àkọlé bá délẹ̀, torí pé ó jẹ́ kó hàn pé a lè dá àkọlé lẹ́bi lọ́tọ̀, láìka bí wọ́n ṣe ṣọ́ra tó nígbà tí wọ́n ń kọ inú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ìròyìn ní èdè wa ló gbà pé ọ̀nà méjì péré ló wà: kí àkọlé jẹ́ olóòótọ́ kó sì gbẹ bí ìwé ìjọba, tàbí kó dùn kó sì ní ẹ̀tàn díẹ̀ nínú. Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Àkọlé lè ṣèlérí ohun kan pàtó, tó ń fa ojú mọ́ra, kí ìlérí náà sì ṣẹ látòkè délẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ wà ni mímọ ohun tí a máa sọ síta àti ohun tí a máa fi sílẹ̀ fún inú ìwé.

Ká tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká rántí àwọn tó ń lo àkọlé. Nílẹ̀ Yorùbá, àwọn tó ń gbọ́ àkọlé pọ̀ ju àwọn tó ń ka ìròyìn lọ. Láàárọ̀ kùtùkùtù, àwọn ilé iṣẹ́ rédíò máa ń ka àkọlé ìwé ìròyìn fún àwọn tó ń múra ibi iṣẹ́ àti àwọn awakọ̀ tó wà lójú pópó. Níwájú àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn, ẹ ó rí àwọn tó dúró yí tábìlì ká, tí wọ́n ń ka ojú ìwé àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n sì ń jiyàn lé e lórí kí wọ́n tó gba ibi iṣẹ́ lọ. Lórí wásáàpù, àwòrán ojú ìwé nìkan ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Fún gbogbo àwọn wọ̀nyí, àkọlé ni ìròyìn fúnra rẹ̀. Bí àtúnṣe bá wà ní ìpínrọ̀ kẹsàn-án, kò ní dé etí wọn láéláé.

Àwọn tó kà á tán pàápàá kò bọ́. Lọ́dún 2014, Ullrich Ecker ti Yunifásítì Western Australia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àkọlé tí kì í ṣe irọ́ pátápátá ṣùgbọ́n tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀kan nínú àwọn ìròyìn tí wọ́n fún àwọn ènìyàn kà sọ̀rọ̀ nípa olè tó ń fọ́ ilé: láti ọdún mẹ́wàá ni iye rẹ̀ ti ń wálẹ̀, ṣùgbọ́n ó gòkè díẹ̀ bíńtín lọ́dún tó kọjá. Ìròyìn kan náà ni gbogbo wọn kà. Àkọlé àwọn kan ní olè fọ́léfọ́lé ń pọ̀ sí i, ti àwọn yòókù ní ó ń dín kù. Kò sí èyí tó jẹ́ irọ́ nínú méjèèjì, nítorí ẹyọ òótọ́ kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mú nínú ìròyìn. Síbẹ̀, àkọlé tó gbé ohun kékeré lárugẹ ju ohun ńlá lọ ba ohun tí àwọn tó kà á rántí jẹ́. Nínú ìròyìn tó jẹ mọ́ èrò ẹni, irú àkọlé bẹ́ẹ̀ yí ohun tí òǹkàwé rò pé ó tẹ̀lé e padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ka gbogbo rẹ̀. Ohun tó fà á kò ṣòro láti lóye. Àkọlé ló ń kọ́kọ́ sọ fún òǹkàwé ohun tó yẹ kó wá, ìyẹn náà ló sì máa rí.

Èwo wá ni a lè fi pamọ́? Ní 1994, George Loewenstein, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó ń ṣèwádìí nípa ìhùwàsí ènìyàn ní Amẹ́ríkà, ṣe àgbéyẹ̀wò ohun tí àwọn onímọ̀ ti sọ nípa ìfẹ́ láti mọ nǹkan. Àlàyé tirẹ̀ ni pé ìfẹ́ yìí máa ń dìde nígbà tí ènìyàn bá ti mọ nǹkan díẹ̀, tó wá rí i pé ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ òun. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ kan kò ní àlàfo tí yóò fẹ́ dí. Àwọn tó ń kọ àkọlé gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì gbàgbé ìdajì yòókù. Wọ́n gbọ́ pé kí a fi nǹkan pamọ́, wọn kò gbọ́ pé ohun tí a kọ́kọ́ sọ ló ń jẹ́ kí èyí tí a fi pamọ́ ní iyì. "Ẹ wo ohun tí ìyá yìí ṣe!" kò sọ ìyá wo, ibo, tàbí kí ló ń ṣẹlẹ̀. "Bí ìyá aláṣọ kan ní Òṣogbo ṣe gba owó rẹ̀ padà lọ́wọ́ báńkì" ti sọ ẹni náà, ìlú náà àti bí ọ̀rọ̀ ṣe parí. Ohun kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tó gbà, ọ̀nà náà gan-an ló sì wúlò fún ẹni tí báńkì mú owó tirẹ̀ lọ.

Ilé iṣẹ́ tó gbé àkọlé afohunpamọ́ dé òtéńté ni Upworthy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2012. Nígbà náà, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa ń kọ àkọlé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n fún ìtàn kan, wọ́n á mú díẹ̀ nínú wọn, wọ́n á fi ọ̀kọ̀ọ̀kan han ọ̀wọ́ ènìyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, èyí tí àwọn ènìyàn bá tẹ̀ jù ni wọ́n á lò. Nígbà tó yá, àkọsílẹ̀ gbogbo ìdánwò yẹn bọ́ sọ́wọ́ àwọn olùwádìí. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2023 yẹ nǹkan bí 105,000 irú àkọlé bẹ́ẹ̀ wò. Ó rí i pé nínú àkọlé tí gígùn rẹ̀ mọ níwọ̀n, ọ̀rọ̀ búburú kọ̀ọ̀kan tí a bá fi kún un ń jẹ́ kí iye àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ gbéra ní ìdá 2.3 nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀rọ̀ dáadáa sì ń dín in kù. Àbájáde yìí le, kò sì yẹ ká fi pamọ́. Òótọ́ ni pé ìbẹ̀rù àti ìbànújẹ́ ń tà. Ṣùgbọ́n ohun tí ìdánwò náà wọ̀n kò ju ìka tó tẹ àkọlé lọ. Kò mọ̀ bóyá ẹni tó tẹ̀ ẹ́ rí ohun tó wá, tàbí bóyá ó bínú jáde lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.

Facebook wọn apá kejì yẹn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, ilé iṣẹ́ náà kéde pé òun yóò máa wo bí ènìyàn ṣe pẹ́ tó nínú ìròyìn tó ṣí kó tó padà, nítorí ẹni tó padà kíákíá kò rí ìlérí gbà. Ó tún ní nígbà tí òun bi àwọn tó ń lò ó léèrè, ìgbà 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n yan àkọlé tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti pinnu bóyá wọ́n fẹ́ kà á kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Lọ́dún 2016, wọ́n pín àkọlé ẹ̀tàn sí méjì: èyí tó ń fi ohun tó yẹ ká mọ̀ pamọ́, àti èyí tó ń fẹ ọ̀rọ̀ kọjá bó ṣe mọ. Ìpín yìí dára, nítorí pé oògùn àrùn méjèèjì yàtọ̀ síra. Àkọlé tó fi ọ̀rọ̀ pamọ́ ń fẹ́ kí a fi orúkọ, ibi àti ohun tó ṣẹlẹ̀ kún un. Èyí tó fẹ ọ̀rọ̀ ń fẹ́ kí a dín ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀ kù, kí a sì dá ẹni tó sọ̀rọ̀ padà sínú rẹ̀. Ẹni tó bá lo oògùn ọ̀kan fún èkejì yóò tún bà á jẹ́ sí i, bí a ó ṣe rí i nísinsìnyí.

Mo fẹ́ mú ìròyìn kan ká jọ kọ àkọlé rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2015, IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí lórí jẹjẹrẹ ní ìlú Lyon, gbé èsì kan jáde. Àwọn onímọ̀ 22 láti orílẹ̀-èdè mẹ́wàá ti ka ìwádìí tó ju 800 lọ. Wọ́n ní ẹ̀rí ti tó láti sọ pé ẹran tí wọ́n fi iyọ̀, èéfín tàbí kẹ́míkà tọ́jú kó má bàa bàjẹ́, irú bíi sọ́sééjì, bẹ́kìn àti kọ́ọ̀n-bíìfù inú agolo, ń fa jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Wọ́n fojú bù ú pé gíráàmù 50 lójúmọ́ ń fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún kún ewu náà. Ẹran pupa tútù, bíi ti màlúù àti ewúrẹ́, wọ́n fi sí ìpele tó tẹ̀lé e, níbi tí wọ́n ti ní ó ṣeé ṣe kó máa fà á. Ìpele kìn-ín-ní, níbi tí sọ́sééjì wà, náà ni sìgá wà. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ káàkiri ayé.

Ká ní akọ̀ròyìn kan kọ́kọ́ kọ ọ́ pé: "Ẹran Tí Gbogbo Yín Ń Jẹ Yìí Ń Pa Yín!" Ó fi orúkọ ẹran pamọ́, ó sì fẹ ọ̀rọ̀, àbùkù méjèèjì ni. Olóòtú ní kó sọ ọ́ pàtó. Ó padà wá pẹ̀lú "Sọ́sééjì Léwu Bíi Sìgá." Ó ti di pàtó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé irọ́ tó ní orúkọ máa ń tètè wọlé síni lọ́kàn. Bí ẹ̀rí ṣe lágbára tó ni ìpele IARC ń wọ̀n. Kò wọn bí ewu ṣe pọ̀ tó. Nígbà náà gan-an ni IARC tọ́ka sí ìṣirò tó sọ pé bí ènìyàn 34,000 ni jẹjẹrẹ tó wá láti inú jíjẹ irú ẹran yìí lájẹjù lè máa pa lágbàáyé lọ́dún, nígbà tí jẹjẹrẹ tí sìgá ń fà ń pa bíi mílíọ̀nù kan. Akọ̀ròyìn tó ka èsì náà dé ibi àlàyé kò lè kọ "bíi sìgá".

Ìgbìyànjú kẹta: "Sọ́sééjì Ń Fi Ìdá 18 Nínú Ọgọ́rùn-ún Kún Ewu Jẹjẹrẹ Ìfun." Kò sí irọ́ níbẹ̀, iye tó wà níbẹ̀ sì ti inú èsì wá. Síbẹ̀, ẹ kà á fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí ẹ ní kó sọ ohun tó gbọ́. Ọ̀pọ̀ ni yóò sọ pé ènìyàn 18 nínú 100 tó bá jẹ sọ́sééjì ni yóò kó jẹjẹrẹ. Ohun tí iye náà túmọ̀ sí kọ́ nìyẹn. Ká gbà pé nínú 100 ènìyàn tí kì í jẹ ẹ́ lójoojúmọ́, 5 ni yóò ní jẹjẹrẹ ìfun kí wọ́n tó kú. Ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ti 5 kò pé ẹyọ kan, nítorí náà 5 náà di nǹkan bíi 6. Àkọlé kẹta yìí tún sọ gíráàmù 50 àti ojoojúmọ́ nù, èyí tó ń dẹ́rù ba ẹni tó ń jẹ ẹyọ sọ́sééjì kan níbi àríyá ọjọ́ Sátidé.

Èyí tí èmi ì bá fọwọ́ sí rèé: "Sọ́sééjì àti Jẹjẹrẹ Ìfun: Bí Ewu Ṣe Ń Pọ̀ Sí i Fún Ẹni Tó Ń Jẹ Ẹ́ Lójoojúmọ́." Ó dárúkọ oúnjẹ, ó dárúkọ àrùn, ó sọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, ó sì ṣèlérí pé òun yóò sọ bí ewu náà ṣe tó. Iye gan-an ló fi sílẹ̀ fún inú ìwé, nítorí pé iye náà nílò gbólóhùn mẹ́ta kó tó yé ènìyàn, àkọlé kò sì ní àyè fún gbólóhùn mẹ́ta. Mo ka èyí sí ìdí tó dára jù lọ láti fi nǹkan sílẹ̀. A lè fi ohun tó nílò àlàyé sílẹ̀ fún inú ìwé. A kò gbọdọ̀ fi ohun tí òǹkàwé máa fi mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà kan òun pamọ́.

Ó ku ìdẹwò kan tó jẹ́ tiwa. Kí òǹkàwé Yorùbá lè tètè rí ara rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, akọ̀ròyìn lè fẹ́ yọ sọ́sééjì kúrò kó sì fi ṣúyà síbẹ̀. Ṣúyà yóò tà ju sọ́sééjì lọ ní Ìbàdàn, kò sí iyèméjì. Ṣùgbọ́n ẹran tútù tí a fi iná yan ni ṣúyà, kì í ṣe ẹran tí a tọ́jú kó lè pẹ́ nílẹ̀, nítorí náà ọ̀dọ̀ ẹran pupa ló wà, níbi tí wọ́n ti ní ó ṣeé ṣe. Bí akọ̀ròyìn bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ṣúyà, kó ṣe é ní ìpínrọ̀ kan nínú ìwé, kó sì sọ ìyàtọ̀ náà. Gbígbé ìròyìn wálé dára, bí ó bá jẹ́ pé òun náà ni ìròyìn tó délé.

Àwọn àṣà kan wà nínú àkọlé èdè Yorùbá tó yẹ ká yẹ̀ wò lọ́tọ̀, nítorí pé àwọn ìwé tó sọ̀rọ̀ lórí àkọlé Gẹ̀ẹ́sì kò ní kàn wọ́n. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni àkọlé tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Nítorí". "Nítorí Owó Ilé, Ayálégbé Lu Onílé Rẹ̀ Lálùbolẹ̀." Ó dùn létí, ó sì pé: ìdí ló ṣíwájú, ìṣẹ̀lẹ̀ tẹ̀lé e. Ìdí tó ṣíwájú yìí ló ń dá mi dúró. Ìjà lè ti ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, kí ọlọ́pàá sì ti mú ẹnì kan. Ta ló wá sọ pé owó ilé ló fà á? Bó bá jẹ́ pé aládùúgbò kan ló wí bẹ́ẹ̀ ní ìpínrọ̀ kẹrin, àkọlé ti sọ àbá aládùúgbò di òótọ́, gẹ́gẹ́ bí The Sun ṣe sọ ọ̀rọ̀ àwọn kan di ọ̀rọ̀ ọba. Òfin ìwà tí àwọn akọ̀ròyìn Nàìjíríà fọwọ́ sí ní Ìlọrin lọ́dún 1998 ní kí wọ́n máa ya òótọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àbá àti èrò, kò sì sọ pé àkọlé kò sí lára rẹ̀. "Ọlọ́pàá Mú Ayálégbé Tí Wọ́n Ní Ó Lu Onílé Rẹ̀ ní Mókọ́lá" kò dùn tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí adájọ́ lè bi olóòtú léèrè tí kò ní rí ìdáhùn.

Àkọlé tó jẹ́ ìbéèrè náà ń fẹ́ ìṣọ́ra. Lọ́dún 2009, akọ̀ròyìn ọmọ Bìrìtéènì kan, Ian Betteridge, sọ pé àkọlé yòówù tó bá parí pẹ̀lú àmì ìbéèrè, "bẹ́ẹ̀ kọ́" ni a lè fi dá a lóhùn. Ohun tó ń sọ ni pé olóòtú tí ẹ̀rí bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní béèrè, yóò kàn sọ ọ́ ni. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá gbogbo irú àkọlé bẹ́ẹ̀ mu. "Ṣé Lóòótọ́ ni Omi Iyọ̀ Ń Wo Ibà Ẹbólà?" jẹ́ ìbéèrè tó yẹ, nítorí pé àwọn ènìyàn ń bi ara wọn ní ìbéèrè náà nígbà tí Ẹbólà wọ Nàìjíríà lọ́dún 2014, tí wọ́n ń fi omi iyọ̀ wẹ̀ tí wọ́n sì ń mu ún. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹ̀mí bá ti wà nínú ewu, mo rò pé ìdáhùn gan-an ló yẹ kó gba ipò àkọlé: "Omi Iyọ̀ Kì Í Wo Ẹbólà." Bákan náà ni ti afárá tí wọ́n fẹ́ tì tàbí oògùn tí ìjọba ní kí a má lò mọ́. Kò sí ẹ̀tọ́ kankan láti fi orúkọ afárá tàbí orúkọ oògùn pamọ́ kí ènìyàn lè tẹ àkọlé. Bí òǹkàwé kò bá ṣí inú rẹ̀ mọ́, iṣẹ́ ti ṣe.

Ní ti bí a ṣe ń yẹ àkọlé wò kó tó jáde, ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìròyìn, ẹni tó kọ ìròyìn kọ́ ló ń kọ àkọlé. Olóòtú ló ń kọ ọ́, nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú tí àyè ojú ìwé kò sì tó, láti inú ìpínrọ̀ méjì àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni ìdí tí ó fi máa ń ṣẹlẹ̀ pé inú ìròyìn tọ́ tí àkọlé rẹ̀ sì wọ́. Àyẹ̀wò tó lè dènà èyí kò gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹ mú bírò, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn inú ìròyìn tó mú ìlérí àkọlé ṣẹ. Bí gbólóhùn náà kò bá sí, àkọlé kò gbọdọ̀ jáde. Bó bá wà ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ìpínrọ̀ kejìlá ló wà, ohun kékeré inú ìròyìn ni àkọlé gbé lárugẹ, bíi ti olè fọ́léfọ́lé ọjọ́sí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìṣe àkọlé wé ti gbólóhùn yẹn. Bí inú ìwé bá ní "wọ́n fura sí i", àkọlé kò lè sọ pé "ó jalè". Bí inú ìwé bá ní "ó ṣeé ṣe", àkọlé kò lè sọ pé "ó ń fà á". Ní ìparí, ẹ ka àkọlé náà nìkan fún ẹnì kan tí kò mọ̀ nípa ìròyìn náà, kí ẹ ní kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ohun tó sọ bá yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ìwé, àkọlé ló ni ẹ̀bi. Kí akọ̀ròyìn náà sì rí àkọlé kó tó jáde, nítorí pé òun ló mọ ibi tí ẹ̀rí òun mọ.

Owó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò yẹ ká ṣe bí ẹni pé kò sí. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nínú ìdánwò irú ti Upworthy, àkọlé olóòótọ́ lè pàdánù. Ilé iṣẹ́ tó ń fi iye àwọn tó tẹ àkọlé gba owó ìpolówó yóò rí àdánù náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ohun tí kò ní tètè rí ni àwọn òǹkàwé tí wọ́n tan jẹ tí wọn kò padà wá mọ́, nítorí pé ẹni tó lọ kì í kọ lẹ́tà ìdágbére. Èmi kò mọ olóòtú tó lè fi àkọlé ẹ̀tàn jèrè títí láìjẹ́ pé àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo orúkọ ìwé rẹ̀ kí wọ́n tó pinnu bóyá wọ́n á gba ọ̀rọ̀ gbọ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin olóòtú ìwé ìròyìn Yorùbá ni pé kí ẹ má fi "Nítorí" bẹ̀rẹ̀ àkọlé mọ́, àyàfi bí ẹni tó mọ ìdí náà bá wà nínú ìròyìn pẹ̀lú orúkọ tàbí ipò rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ka ojú ìwé àkọ́kọ́ lórí rédíò láàárọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa ka àkọlé kékeré tó wà lábẹ́ ti ńlá pẹ̀lú, kí ẹ sì sọ ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó ń gbọ́ yín nínú ọkọ̀ kò ní ra ìwé ìròyìn náà.